Ọmọ tó mọ ìwé nílé, tí gbogbo rẹ̀ ń parẹ́ nínú yàrá ìdánwò: kí ni ẹ ti rí tó ń ṣiṣẹ́?

Ìyálọ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ni mo gbé wá. Ìṣirò àti kẹ́místírì ni ó ń dà á láàmú jù nínú ẹ̀kọ́ girama tí ó ń kọ́. Bí ó bá jókòó ti ìwé nílé, ó ń ṣe é dáadáa. Bí àbúrò rẹ̀ bá béèrè nǹkan, òun ló ń là á yé e. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe kọjá, ó ní bí wọ́n ti gbé pépà ìṣirò lé òun lọ́wọ́, tí òun sì ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ńṣe ni orí òun ṣófo. Ó ń rí àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń kà wọ́n, àmọ́ wọn kò wọlé. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí ó jáde, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé ìwé, ìdáhùn ti ń rọ́ padà wá sí i lórí. Máàkì 38 nínú 100 ni ó gbà.

Èkejì ni inú rírun. Láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdánwò ni inú yóò ti máa lọ́ ọ ní àyíká ìdodo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra, nígbà mìíràn yóò sì bì. Ní ọjọ́ tí ìdánwò èdè bá wà, èyí tí ó fẹ́ràn, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní kí ó máa dúró sílé bí inú náà bá ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìyẹn. Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìyá Ìbejì

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọgbẹ́ inú nìyẹn. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò ọkọ mi gan-an nìyẹn, kò sì sí ohun tí a kò rò pé ó jẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ẹ lọ ra oògùn tí ń pa kíkan inú, kí ẹ sì fún un ní oògùn ìrora ní òwúrọ̀ ìdánwò kí ó lè jókòó. Ọ̀rọ̀ ìdánwò kọ́ rárá ni.

Bàbá Àgbà

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tí àyà rẹ̀ kò bá já rárá kò ní kàwé. Ẹ̀rù díẹ̀ ló ń gbé ọmọ dìde lórí ibùsùn. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di àìsàn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi kún wákàtí tí ó fi ń kàwé, kí ó tún ìwé rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Bí ohun tí ó mọ̀ bá ti pọ̀ tó, kò sí yàrá tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo fara mọ́, n óò padà sí ìdajì kejì. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ bi Màmá ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ọmọ yín bá ń ṣe ìṣirò nílé, ṣé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀? Ṣé aago máa ń wà níbẹ̀? Ṣé orí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló máa ń ṣe títí tí yóò fi parí rẹ̀, àbí ó máa ń da oríṣiríṣi ìbéèrè pọ̀?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ohun tí a ń pè ní “ó mọ̀ ọ́n nílé” kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo ọmọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń dá ọ̀nà ìṣirò mọ̀ nígbà tí ó bá rí i. Nínú yàrá ìdánwò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa ọ̀nà náà jáde láti inú orí, láìrí nǹkan kan tí yóò ràn án létí. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọmọ sì lè mọ èkínní dójú àmì kí ó má tíì gbìyànjú èkejì rí. Bí ó bá sì jẹ́ orí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe, ó ti mọ ọ̀nà tí yóò lò kí ó tó ka ìbéèrè. Ìdánwò kì í sọ fún ọmọ pé orí báyìí ni ìbéèrè yìí ti wá.

Ìyálọ́mọ

Ọ̀gá, àfi bí ẹni pé ẹ wà nínú ilé wa. Ìwé máa ń ṣí sílẹ̀, kò sí aago, orí kan lẹ́ẹ̀kan ló sì ń ṣe. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó máa ń kàwé títí di aago 1 òru.

Awakọ̀

Èmi náà mọ ohun tí orí ṣíṣófo jẹ́. Ìdánwò ìwakọ̀ ni tèmi. Bí ọkùnrin tó ń dán wa wò ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, n kò mọ ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ bíréèkì mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní oògùn kékeré tí ń dín lílù ọkàn kù, ó ní àwọn olórin máa ń lò ó kí wọ́n tó gun orí ìtàgé. Mo lò ó, mo sì yege. Bí Màmá bá fẹ́, n óò kọ orúkọ rẹ̀ síbí.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ síbí. Mo mọ irú oògùn tí ẹ ń sọ. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún àwọn àgbàlagbà kan, ṣùgbọ́n ó lè fún èémí pa mọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée láyà, ó sì lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan lọ sílẹ̀ débi tí òòyì yóò fi kọ́ ọ. Kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ ń fún ọ̀rẹ́, ká má tilẹ̀ ti sọ ọ́ dé orí ọmọ ọdún 16. Oògùn oorun náà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń kù sójú ní òwúrọ̀, ọmọ yóò sì wọlé ìdánwò pẹ̀lú orí wúwo.

Kí n wá sọ ti inú. Ìyá Ìbejì kò ṣìṣe pátápátá láti ní kí a wò ó dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo inú rírun tó bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò ni ìdánwò fà. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá ròyìn ní àmì tó ń tọ́ka sí ìbẹ̀rù: ó ń bẹ̀rẹ̀ kí ìdánwò tó dé, àyíká ìdodo ló ti ń ro ó láìsí ojú kan pàtó, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ràn bá wà, kò sí i. Màmá kò sọ ti àkókò ìsinmi; ẹ ronú sí i. Ìrora náà kì í ṣe irọ́ o. Ọ̀nà iṣan wà láàárín ọpọlọ àti ìfun, bí ìbẹ̀rù bá sì dé, àpò oúnjẹ á máa lọ́ra láti tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ìfun ńlá nísàlẹ̀ á máa sáré. Ìdí nìyẹn tí èébì fi ń gbé ọmọ lókè tí ìgbẹ́ sì ń gbọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà.

Àwọn ohun tí yóò mú kí n ní kí ẹ lọ rí dókítà láìdúró de ẹ̀yìn ìdánwò nìwọ̀nyí: bí ìrora bá ń jí i lójú oorun lóru; bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí èébì; bí ó bá ń rù; bí ibà bá bá a rìn; bí ìrora bá ṣí kúrò ní ìdodo tí ó sì dúró sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, tí ó ń pọ̀ sí i; tàbí bí ó bá ń wáyé ní àkókò ìsinmi náà. Ti apá ọ̀tún yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Kódà bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò burú, nítorí ọmọ tó gbọ́ lẹ́nu dókítà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú òun yóò dín ìbẹ̀rù kan kù nínú èyí tí ó ń gbé kiri.

Oògùn ìrora ní òwúrọ̀ ìdánwò kò mọ́gbọ́n wá. Púpọ̀ nínú irú tí a fi ń pa ìrora oṣù àti ẹ̀fọ́rí máa ń ta inú fúnra rẹ̀, pàápàá bí kò bá sí oúnjẹ níbẹ̀.

Ìyálọ́mọ

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Kò jí i lóru rí, kì í sì í ṣe é ní ìsinmi. Àwa yóò lọ rí dókítà síbẹ̀síbẹ̀. Ti dídúró sílé tí bàbá rẹ̀ dá lábàá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwé

Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe Bàbá. Ṣùgbọ́n bí inú bá rọ ọmọ, tí ó sì dúró sílé, ìrora náà á lọ láàárín wákàtí kan, ara rẹ̀ yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ pé dídúró sílé ni oògùn. Ní ìgbà mìíràn, yóò tètè bẹ̀rẹ̀, yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdánwò kan tí ó sì di pé wọn kò lè wá sí ilé ìwé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí kò bá ní ibà, tí kò sì ní àmì tí mo kà sókè, kí ó wá, kí a sì jẹ́ kí wíwá náà rọrùn: kí ó jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti mọ́ ọn lára ní nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú, kí ó má mu kọfí tàbí ohun mímu tó ń múni ta gìrì, nítorí wọ́n ń mú ọkàn àti ìfun sáré sí i. Kí ẹ sì bá ilé ìwé sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n fi í jókòó sí ìtòsí ilẹ̀kùn, kí alábòójútó mọ̀ pé ó lè jáde láìṣàlàyé. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí ni pé ọmọ tó mọ̀ pé òun lè jáde kì í sábà jáde.

Olùkọ́ Ìṣirò

Màmá, mo ní iṣẹ́ kan fún ọmọ yín kí a tó tẹ̀ síwájú, nítorí a kò tíì mọ èyí tí ìbẹ̀rù jẹ àti èyí tí àìmọ̀ jẹ nínú máàkì 62 tí ó pàdánù. Ẹ bá mi wá pépà àtijọ́ méjì tó dọ́gba ní líle pẹ̀lú èyí tí ó ṣe. Kì í ṣe pépà yẹn gan-an, nítorí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jíròrò rẹ̀. Kí ó ṣe èkínní ní ọjọ́ kan, ìwé ní pípadé, ṣùgbọ́n láìsí aago, kí ó lo àkókò tó bá wù ú. Kí ó ṣe èkejì ní ọjọ́ mìíràn, ìwé ní pípadé, pẹ̀lú aago tó pé. Kí ẹlòmíràn sì fún un ní máàkì, kó má ṣe òun fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Mo ti ní irú rẹ̀ rí, mo sì parí ilé ìwé láìpẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan sí i. Èyí tó ń pa mí jù kì í ṣe pépà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a ń dúró síta ni, tí gbogbo ènìyàn ń béèrè pé “ṣé o ti ka orí báyìí?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lápá kan títí wọ́n yóò fi ṣílẹ̀kùn. Bí pépà méjì bá sì wà lọ́jọ́ kan, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa èkínní kí èkejì tó parí. Mo tún bẹ màmá mi pé kí wọ́n má bi mí pé “báwo ni?” bí mo ti ń wọlé; kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ ọ́. Ó ṣòro fún wọn díẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ìyálọ́mọ

A ti ṣe é. Nínú èyí tí kò ní aago, 71 ni ó gbà. Nínú èyí tí aago wà, 55 ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ló fún un ní máàkì. Inú rọ ọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ aago, nílé wa níbí!

Olùkọ́ Ìṣirò

Ó dára gan-an pé inú rọ ọ́ nílé. Ó túmọ̀ sí pé a ti rí ibi tí a ti lè fi í dánra wò láìsí ewu.

Ẹ wo ohun tí àwọn ìṣirò wọ̀nyí ń sọ. Láti 100 sí 71, 29 ni: ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù, ohun tí kò mọ̀ ni, kò sì sí mímí tí a lè mí tí yóò mú un wá. Láti 71 sí 55, 16 ni: ìyẹn ni ti aago. Láti 55 sí 38, 17 ni: ìyẹn ni ti yàrá ìdánwò fúnra rẹ̀. Ẹ má di àwọn nọ́ńbà náà mú ju bó ti yẹ lọ, nítorí pépà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì délẹ̀délẹ̀, ìyàtọ̀ máàkì mélòó kan kò sì ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó fún wa láti mọ̀ pé ìṣòro mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Fún ti 29, kí ó to àwọn ìbéèrè tí ó kùnà nínú pépà tí kò ní aago jọ, kí ó wo orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé wọn kò ní ju orí méjì tàbí mẹ́ta lọ. Àwọn yẹn ni kí ó kọ́, kì í ṣe gbogbo ìwé. Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí Bàbá Àgbà: kíka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta máa ń jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n, ọmọ á sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó pa ìwé dé, kí ó mú bébà òfìfo, kí ó kọ gbogbo ohun tí ó rántí, kí ó tó ṣí ìwé láti wo ohun tí ó fò. Ó máa ń bí ọmọ nínú ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ń fi ohun tí kò mọ̀ hàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Fún ti 16, aago ni kí a kọ́ ọ. Bí pépà bá jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀, ìṣẹ́jú 150 nìyẹn. Kí ó yọ ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ láti ka gbogbo pépà kí ó sì fi àmì sí àwọn tí ó mọ̀, kí ó yọ 10 sílẹ̀ ní ìparí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ku 130 fún máàkì 100, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 13 fún ìbéèrè tó ní máàkì 10. Bí ìṣẹ́jú 13 bá pé, kí ó fi àyè sílẹ̀ lórí bébà, kí ó lọ sí òmíràn. Ìbéèrè tí ó mọ̀ jù ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, bó jẹ́ nọ́ńbà 7 náà ni.

Fún ti 17, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé kò tóbi. Ó dà bí tábìlì kékeré kan. Nínú ìṣirò, ọmọ ní láti gbé ohun tí wọ́n fún un, fọ́múlà, àti èsì ìgbésẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí “n óò kùnà, kí ni bàbá mi yóò sọ” bá ti gba ìdajì tábìlì, kò sí àyè mọ́. Ohun tí ó mọ̀ kò sọnù, ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà kò wúlò kí ó máa fi ipá wá a, kí ó tẹjú mọ́ ìbéèrè kan náà. Kí ó gbé bírò sílẹ̀. Kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Kí ó fa èémí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ó tú u jáde jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìṣẹ́jú kan péré ló gbà. Lẹ́yìn náà kí ó bọ́ sí ìbéèrè tí ó ti fi àmì sí, kí ó sì kọ ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọn: ohun tí wọ́n fún un, àwòrán, orúkọ orí ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó kọ ni yóò fa èyí tó kù jáde. Kí ó sì tún máa kọ àwọn fọ́múlà tó máa ń sá fún un sí ẹ̀gbẹ́ bébà ní gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí òfin ìdánwò bá gbà á.

Mímí yìí kò ní ṣiṣẹ́ bí ó bá jẹ́ inú yàrá ìdánwò ni yóò ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Kí ó máa ṣe é lójoojúmọ́ báyìí, àti nígbà tí ó bá ń ṣe pépà aago nílé.

Bàbá Àgbà

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ̀rù kò ní iṣẹ́ kankan. Mo kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀, àwọn tí kò bẹ̀rù náà ló ń kùnà jù.

Olùdámọ̀ràn

Bàbá, ẹ kò purọ́. Ní ọdún 1908, àwọn olùwádìí méjì, Robert Yerkes àti John Dodson, fi eku dán an wò: bí iṣẹ́ tí wọ́n fún eku bá rọrùn, ìtanijí tó lágbára mú kí ó tètè kọ́ ọ, bí iṣẹ́ náà bá ṣòro, ìtanijí tó pọ̀ jù ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Eku kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, èmi kò sì ní fi gbogbo ara gbé e lé àwọn ọmọ wa lórí, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a ń rí mu: ẹ̀rù díẹ̀ lè ran ẹni tó ń ka orúkọ nǹkan sórí lọ́wọ́, kí ó sì dá ẹni tó ń ṣe ìṣirò onígbésẹ̀ márùn-ún dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí Màmá mọ̀ jù ni èyí. Ní 1967, àwọn olùwádìí mìíràn, Liebert àti Morris, ya ìbẹ̀rù ìdánwò sí apá méjì: ohun tí ara ń ṣe, bí inú rírun àti àyà jíjá, àti ohun tí ọkàn ń sọ, ìyẹn àníyàn. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn olùwádìí ń rí léraléra ni pé àníyàn ló bá máàkì tó lọ sílẹ̀ rìn jù, kì í ṣe àyà jíjá. Nítorí náà, inú lè máa rọ ọmọ yín kí ó sì ṣe dáadáa. Ẹ má fi píparẹ́ inú rírun ṣe òṣùwọ̀n bóyá ó ti ń sàn, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ òun náà yóò máa dúró de inú kí ó tó gbà pé òun lè kọ ìdánwò. Kí ó máa sọ fún ara rẹ̀ pé “inú mi ń rọ mí, mo sì ń lọ.”

Àwọn kan yóò ní kí ọmọ kọ gbogbo àníyàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ó tó wọlé. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 ló gbé e jáde, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe, tí èsì wọn jáde ní 2018, wọn kò rí èrè náà. Bí ó bá tù ú lára, kí ó ṣe é. Ẹ má gbára lé e.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa ṣá.

Ìyálọ́mọ

Mo padà wá jíyìn. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Orí ẹ̀kọ́ méjì ni àwọn ìbéèrè tí ó kùnà ti wá bí Ọ̀gá ti sọ, lọ́gárídímù àti àwọn òfin nípa àyíká róbótó. Ó ti ń kọ́ wọn ní ìwé pípadé. Ó ń ṣe pépà aago kan ní ọ̀sẹ̀, ní tábìlì ilé ìkàwé tí kì í ṣe ti ilé wa, ní wákàtí kan náà tí ìdánwò máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tó ṣe kẹ́yìn, orí rẹ̀ tún ṣófo ní àárín, ó gbé bírò sílẹ̀, ó mí, ó sì lọ sí ìbéèrè mìíràn. 63 ni ó gbà. A ti gbà pé aago 10 alẹ́ ni kí ìwé padé. Inú rírun kò tíì lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Ilé ìwé ní àwọn lè fún un ní yàrá tirẹ̀ láti ṣe ìdánwò. Ṣé kí a gbà á?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Wọ́n fún èmi náà ní tèmi, ó sì burú fún mi. Èmi nìkan àti alábòójútó kan, gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo ní kí wọ́n dá mi padà sí àárín àwọn yòókù.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwé

Èmi rí àwọn tí ó ràn lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí èébì ń gbé lójú gbogbo ènìyàn. N kò rò pé ó yẹ kí a kọ̀ ọ́.

Olùkọ́ Ìṣirò

Tèmi ni pé kí ó kọ́kọ́ lo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí ìdánwò àṣekágbá lè má fún un ní yàrá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi òun fúnra rẹ̀, Màmá. A ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó bèèrè èyí tí òun fẹ́.

Ìyálọ́mọ

Mo bi í ní àárọ̀ yìí. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí yàrá náà sì wà ní ìpamọ́ bí èébì bá gbé òun. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Mò ń dúró de èsì wọn.